Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ṣé Àwọ̀ Inú Áàpù Yín Hàn sí Ẹni Tí Ojú Rẹ̀ Kì í Dá Àwọ̀ Mọ̀?

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ áàpù pọ̀ ní Àkúrẹ́ níbí, wọ́n sì máa ń béèrè lọ́wọ́ mi bí wọ́n ṣe lè mọ̀ pé àwọ̀ tí wọ́n yàn yóò hàn sí gbogbo ojú. Mo ti kó àwọn ìbéèrè tí mo ń gbọ́ jù jọ. Kí ọ̀rọ̀ má bàa gba orí wa kọjá, áàpù kan ṣoṣo ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ látòkè délẹ̀: èyí tí àwọn olùra kòkó ń lò nídìí ìwọ̀n lójú ọ̀nà Ìdànrè.

Bí áàpù náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Àgbẹ̀ gbé àpò dé, akọ̀wé fi mítà wo omi inú kòkó, ó gbé e sórí ìwọ̀n, áàpù sì fi àmì róbótó kan sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ àgbẹ̀ náà. Bí kòkó bá ti gbẹ, àmì yẹn á yọ ní àwọ̀ ewé, `#2E7D32`. Bó bá ṣì tutù, á yọ ní pupa, `#C62828`. Bọ́tìnì ìsanwó jẹ́ yẹ́lò, `#F9A825`, lẹ́tà funfun ló sì wà lórí rẹ̀. Ọjọ́ àti iye kílò wà nísàlẹ̀ ní lẹ́tà wẹ́wẹ́ aláwọ̀ eérú, `#9E9E9E`. Orí funfun ni gbogbo rẹ̀ jókòó sí.

Kí ni a ń wọ̀n gan-an nígbà tí a bá ní àwọ̀ méjì yàtọ̀ síra tó?

Ìmọ́lẹ̀ ni a ń wọ̀n. Pupa àti àwọ̀ ewé lè jìnnà síra lójú yín, síbẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ara wọn jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ohun tó ń mú kí lẹ́tà ṣeé kà ni pé ó ṣókùnkùn ju ibi tí a kọ ọ́ sí lọ, tàbí pé ó mọ́lẹ̀ jù ú lọ. Ojú tí kò dá àwọ̀ mọ̀ rárá lè ka ìwé dáadáa bí ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ bá ti wà níbẹ̀.

Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan lójú fóònù jẹ́ àpapọ̀ pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù. Ojú wa kì í gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bákan náà. Nínú ìmọ́lẹ̀ tí a ń rí lára funfun, àwọ̀ ewé ló ń kó bíi 72 nínú 100, pupa ń kó 21, búlúù ń kó 7 péré. Ìdí nìyẹn tí yẹ́lò, tó jẹ́ pupa tí a pò mọ́ àwọ̀ ewé, fi ń mọ́lẹ̀ rekete, tí búlúù fi ń ṣókùnkùn.

Tí a bá ṣírò ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ méjì, èsì rẹ̀ máa ń bọ́ sáàárín 1 àti 21. Funfun lórí funfun jẹ́ 1, dúdú lórí funfun jẹ́ 21.

Báwo ni mo ṣe lè ṣírò rẹ̀ fúnra mi?

Àwọn irinṣẹ́ pọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń ṣe é, ṣùgbọ́n ó dára kí ẹ ní tiyín, kí ẹ lè fi gbogbo àwọ̀ inú áàpù wé ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Kò ju báyìí lọ ní Páítìnì:

```python
def imole(h):
    v = [int(h[i:i+2], 16)/255 for i in (1, 3, 5)]
    r, g, b = [c/12.92 if c <= 0.04045
               else ((c+0.055)/1.055)**2.4 for c in v]
    return 0.2126*r + 0.7152*g + 0.0722*b

def iyato(a, b):
    x, y = sorted([imole(a), imole(b)])
    return (y + 0.05) / (x + 0.05)

print(iyato("#9E9E9E", "#FFFFFF"))
```

Ẹ fojú sí 0.05 tó wà nínú rẹ̀. Ó dúró fún ìmọ́lẹ̀ àyíká tó ń bọ́ sórí gíláàsì fóònù tó sì ń ta padà sójú. A óò padà sórí rẹ̀ tí a bá dé ọ̀rọ̀ oòrùn.

Iye wo ló wá tó?

Ìlànà WCAG ni gbogbo ayé ń lò, ìyẹn ìlànà mímú kí ojú-ìwé íńtánẹ́ẹ̀tì ṣeé lò fún gbogbo ènìyàn, tí W3C, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìlànà íńtánẹ́ẹ̀tì, kọ. Fún lẹ́tà lásán, ó kéré tán 4.5. Fún lẹ́tà ńlá, 3. Lẹ́tà ńlá ni èyí tó tó 24 píksẹ́lì sókè, tàbí bíi 18.7 píksẹ́lì bó bá jẹ́ lẹ́tà tó ki. Láti ìgbà tí ẹ̀dà 2.1 ti jáde ní 2018, àmì àti ìlà ẹ̀gbẹ́ àpótí ìkọ̀wé náà ti wọ inú òfin: 3 ni tiwọn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é dé ìpele tó ga jù á wá 7 fún lẹ́tà lásán.

Nọ́ńbà 4.5 ní orísun tó yẹ kí ẹ mọ̀. Wọ́n mú 3 gẹ́gẹ́ bí èyí tó kéré jù fún ojú tó dá ṣáṣá, wọ́n wá fi 1.5 sọ ọ́ di púpọ̀ fún ẹni tí ojú rẹ̀ ti wálẹ̀ dé ibi tí àwọn dókítà ojú lọ́dọ̀ wa ń kọ sílẹ̀ ní 6/12, ìyẹn ẹni tó gbọ́dọ̀ sún mọ́ mítà mẹ́fà kó tó rí ohun tí ojú tó dá ṣáṣá ń rí láti mítà méjìlá. 7 wà fún ẹni tó wà ní 6/24. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá kọjá ìyẹn sábà máa ń lo ohun tó ń sọ lẹ́tà di ńlá, tàbí ohun tó ń kà á sétí.

Ẹ má ṣe yí èsì sókè. `#777777` lórí funfun jẹ́ 4.48, kò yege. `#767676` jẹ́ 4.54, ó yege. Ojú lásán kò lè fìyàtọ̀ sáàárín àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ibì kan ni a gbọ́dọ̀ fa ìlà sí.

Kí ni áàpù kòkó yẹn wá gbà?

Àwọ̀ eérú tí wọ́n fi kọ ọjọ́ àti iye kílò gba 2.68, ó fìdí rẹmi. Èyí ló ń bà mí nínú jẹ́ jù, nítorí iye kílò ni àgbẹ̀ wá wò. Ẹni tó ti kọjá ọgọ́ta ọdún á gba fóònù lọ́wọ́ akọ̀wé, á sún un síwájú, á sún un sẹ́yìn, á fi àtẹ́lẹwọ́ ṣíji bò ó, á wá dá a padà pé: "Ọmọ mi, ẹ kúkú kà á fún mi." Ó wá di pé ohun tí wọ́n bá kà fún un náà ló máa gbà.

Bọ́tìnì yẹ́lò tó ní lẹ́tà funfun burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: 1.97. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé yẹ́lò hàn gan-an, ó sì hàn lóòótọ́ bó bá wà lórí ohun tó ṣókùnkùn. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti sún mọ́ ti funfun jù, lẹ́tà funfun á sì rì sínú rẹ̀.

Àwọ̀ ewé gba 5.13 lórí funfun. Pupa gba 5.62. Àwọn méjèèjì yege.

Bí àwọ̀ ewé àti pupa bá ti yege, kí ló tún kù?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́. A fi àwọ̀ ewé wé funfun, a fi pupa wé funfun. A kò fi àwọ̀ ewé wé pupa. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, iṣẹ́ tí akọ̀wé fẹ́ ṣe nídìí ìwọ̀n ni kó mọ àpò tó gbẹ yàtọ̀ sí èyí tó tutù. Ẹ fi àwọn méjèèjì sínú ìṣirò òkè yẹn, 1.1 ni yóò fún yín. Ká kúkú sọ pé ìmọ́lẹ̀ wọn dọ́gba. Ohun kan ṣoṣo tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé ọ̀kan jẹ́ pupa, ìkejì jẹ́ àwọ̀ ewé, èyí gan-an sì ni ohun tí ojú kan kò lè rí.

Ẹ̀yìn ojú ní oríṣi sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta tó ń gba àwọ̀. Nínú èyí tó wọ́pọ̀ jù lára àìdá-àwọ̀-mọ̀, sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó gba àwọ̀ ewé ti yí padà, ó ń gba nǹkan tó fara jọ èyí tí ti pupa ń gbà. Nígbà tí méjèèjì bá ń sọ ohun kan náà fún ọpọlọ, ìyàtọ̀ pòórá. Bí sẹ́ẹ̀lì ti àwọ̀ ewé kò bá sí rárá, àmì méjèèjì inú áàpù wa á jọ búráùn ṣíṣú méjì, ẹ kò sì ní mọ èwo ni èwo.

Oríṣi kejì tún wà, níbi tí sẹ́ẹ̀lì ti pupa ti sọnù. Lójú irú ẹni bẹ́ẹ̀ pupa á ṣókùnkùn ju bí a ṣe ṣírò rẹ̀ lọ, nítorí ìṣirò WCAG gbà pé ìmọ́lẹ̀ pupa ń wọlé ní kíkún. Ó lè rí i pé àmì kan dúdú ju ìkejì lọ, ṣùgbọ́n kò ní mọ̀ pé pupa ni. Ẹ tún ṣọ́ra fún lẹ́tà pupa lórí dúdú: iye tí ìṣirò bá fún yín níbẹ̀ ga ju ohun tí ojú rẹ̀ ń gbà lọ.

Lẹ́nu iṣẹ́, ohun tí ẹ máa gbọ́ ni akọ̀wé tó ń yíjú sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó, ṣé èyí gbẹ àbí ó tutù?" Bí ẹ̀gbọ́n kò bá sí nítòsí, á méfò. Kòkó tutù tó bá sì bọ́ sáàárín gbígbẹ á bu, á kó bá àwọn tó yí i ká.

Ṣé irú ojú bẹ́ẹ̀ wà láàárín wa lóòótọ́?

Ó wà. Kírómósómù X ni àìdá pupa mọ̀ yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé ń gbà wọlé, ìdí nìyẹn tó fi wọ́pọ̀ lára ọkùnrin ju obìnrin lọ. Láàárín àwọn ọkùnrin ìran Yúróòpù, ó tó bíi 8 nínú 100. Láàárín adúláwọ̀ ó kéré sí ìyẹn. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ pé àwọn ní in, nítorí bí wọ́n ṣe ń rí ayé láti kékeré nìyẹn. Ẹ má retí pé ẹnì kan á pè yín láti fẹjọ́ sùn.

Àwọn tí ojú wọn ń ṣe bàìbàì pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 fi hàn pé kàtàráàtì, tó ń mú kí dígí inú ojú rí bíi kùrukùru, ló ṣáájú nínú ohun tó ń fọ́ ojú, gilokóómà ló sì tẹ̀ lé e. Kí ojú tó fọ́, ọ̀pọ̀ ọdún lè kọjá tí onítọ̀hún ṣì ń tẹ fóònù, tí ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ tó lè rí sì ń dín kù díẹ̀díẹ̀.

Báwo ni mo ṣe lè fojú ara mi rí ohun tí wọ́n ń rí?

Bí áàpù yín bá ń ṣí nínú Chrome, ẹ ṣí DevTools, ẹ lọ sí `More tools`, lẹ́yìn náà `Rendering`, kí ẹ wá `Emulate vision deficiencies`. Ẹ máa rí `Deuteranopia` níbẹ̀, ìyẹn ojú tí kò ní sẹ́ẹ̀lì ti àwọ̀ ewé, àti `Protanopia` fún ti pupa. `Blurred vision` àti `Reduced contrast` náà wà níbẹ̀ fún ojú bàìbàì. Lórí fóònù Android, ẹ wá `Simulate color space` nínú `Developer options`.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni `Achromatopsia`, tó ń yọ gbogbo àwọ̀ kúrò. Lórí Android, `Monochromacy` ni wọ́n pè é. Ẹ tàn án, kí ẹ gbé fóònù fún ẹni tí kò mọ áàpù náà rí, kí ẹ ní kó tọ́ka sí àpò tó tutù. Bó bá tọ́ka sí i láìbéèrè, áàpù yín kò gbára lé àwọ̀. Bó bá wojú yín, ẹ ti rí èsì.

Àwòrán àfarawé wọ̀nyí ní ibi tí agbára wọn mọ. Ẹni tí kò ní sẹ́ẹ̀lì kan rárá ni wọ́n ń fi hàn, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ló ní sẹ́ẹ̀lì náà, tó kàn jẹ́ pé kì í ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, tí wọ́n ń rí ìyàtọ̀ díẹ̀ nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá dára. Áàpù `Accessibility Scanner` ti Google náà dára fún wíwá lẹ́tà tí kò hàn. Ó máa mú àwọ̀ eérú yẹn lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé àmì róbótó kan túmọ̀ sí gbígbẹ, ìkejì sí tútù, nítorí náà kò ní sọ nǹkan kan nípa wọn. Ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ wò ó.

Báwo la ṣe wá tún áàpù náà ṣe?

Lẹ́tà eérú di `#616161`. Ó gba 6.19, ó sì ṣì fúyẹ́ ju lẹ́tà orúkọ àgbẹ̀ lọ, bí ayàwòrán ṣe fẹ́ ẹ.

Lórí bọ́tìnì, olóhun ní yẹ́lò ni àwọ̀ ilé-iṣẹ́ òun, kò sì ní yí i. Mo máa ń gbọ́ èyí gan-an, kò sì yẹ kó dá ìjà sílẹ̀. Ẹ fi yẹ́lò sílẹ̀, lẹ́tà orí rẹ̀ ni kí ẹ yí. Lẹ́tà búráùn ṣíṣú, `#3E2723`, gba nǹkan bíi 7 lórí yẹ́lò kan náà yẹn, ó sì bá kòkó mu.

Iṣẹ́ àmì méjèèjì ló pọ̀ jù. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn ni kí á wá àwọ̀ ewé míì àti pupa míì. A mú àwọ̀ ewé lọ sí `#1B5E20`, tó gba 7.87 lórí funfun, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ rẹ̀ sí pupa wa kò kọjá 1.4. Àwọ̀ méjì tó ṣókùnkùn tó láti hàn lórí funfun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di aládùúgbò ara wọn ná. Kò sí àyè tó pọ̀ láàárín wọn. Nítorí náà a fi àmì róbótó sílẹ̀. "Ti gbẹ" di àpótí kékeré tó kún fún àwọ̀ ewé ṣíṣú, lẹ́tà funfun àti àmì "máàkì" sì wà nínú rẹ̀. "Ó tutù" di àpótí funfun tó ní ìlà pupa yíká, lẹ́tà pupa àti àwòrán ẹ̀kán omi nínú rẹ̀. Ẹ yọ gbogbo àwọ̀ kúrò: ọ̀kan á dúdú, ìkejì á funfun, ọ̀rọ̀ á sì wà lára méjèèjì. Ẹni tó bá ń rí àwọ̀ kò pàdánù nǹkan kan, pupa àti àwọ̀ ewé rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Áàpù mi ti dé 4.5, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ní àwọn ò rí i lóòrùn. Kí ló dé?

Ẹ rántí 0.05 yẹn. Ìmọ́lẹ̀ inú yàrá lásán ló dúró fún. Lọ́sàn-án gangan ní Ọjà Ọba, ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà láti orí gíláàsì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́pọ̀lọpọ̀. Láti fojú bù ú, ẹ fi 0.5 rọ́pò rẹ̀ nínú ìṣirò. Àwọ̀ ewé ṣíṣú wa tó jẹ́ 7.87 á já wálẹ̀ sí 2.57. Àwọ̀ eérú àtijọ́ á di 1.78. Kì í ṣe iye tí ìlànà kankan gbé kalẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń fi hàn pé áàpù tí wọ́n ń lò níta gbọ́dọ̀ fojú sun 7 fún ohun tó bá kan owó àti kílò. Ẹ sì gbé fóònù jáde sínú oòrùn, kí ẹ lo irú fóònù olówó pọ́ọ́kú tí akọ̀wé ń lò, tí ojú rẹ̀ kì í mọ́lẹ̀ tó tiyín.

Ohun kejì ni lẹ́tà tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Ìlà lẹ́tà tó tín-ín-rín kì í kún píksẹ́lì tán, fóònù á wá po àwọ̀ rẹ̀ mọ́ ti ẹ̀yìn rẹ̀, ohun tó dé ojú á sì fúyẹ́ ju àwọ̀ tí ẹ kọ sínú kóòdù lọ. Ẹ lo lẹ́tà tó ní ara. Kí ẹ sì lọ sínú ètò fóònù, kí ẹ fa lẹ́tà gùn dé ibi tó tóbi jù, kí ẹ wò ó bóyá iye kílò ṣì hàn tán tàbí àpótí ti gé e.

Ṣé àwọ̀ kan náà ni mo máa lò nígbà tí wọ́n bá yí áàpù sí dúdú?

Rárá, ẹ ṣírò gbogbo rẹ̀ lákọ̀tun. Lórí `#121212`, àwọ̀ ewé àkọ́kọ́ tó gba 5.13 lórí funfun gba 3.65 péré, pupa gba 3.33. Àwọ̀ ewé tó fúyẹ́, `#81C784`, gba 9.31 níbẹ̀. Ẹ má sì yọ ìrísí dúdú kúrò nínú áàpù: ìmọ́lẹ̀ funfun máa ń fọ́nká nínú ojú tó ní kàtàráàtì, ọ̀pọ̀ wọn ló sì máa ń rọ̀ lọ́rùn láti ka lẹ́tà funfun lórí dúdú.

Àmì ilé-iṣẹ́ ńkọ́, àti bọ́tìnì tí kò tíì ṣeé tẹ̀?

WCAG yọ méjèèjì sílẹ̀. Àmì ilé-iṣẹ́ kò ní iye kankan tó gbọ́dọ̀ gbà. Bọ́tìnì tí kò tíì ṣeé tẹ̀ náà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nínú áàpù kòkó yìí a kò fi àyè yẹn gba ara wa: bọ́tìnì ìsanwó kì í ṣí títí kòkó á fi gbẹ, bí kò bá sì hàn, akọ̀wé á rò pé áàpù ti bàjẹ́. A fi í sí `#616161` lórí funfun, a sì kọ ìdí rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀: "Kòkó kò tíì gbẹ."